Kọ̀ǹpútà Ń Nájà: Èwo Ló Kan Olówó Kékeré Níbẹ̀?

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, nígbà tí aago ń lọ sí mẹ́ta ọ̀sán ní Niu Yọ́ọ̀kì, ṣíà ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble ṣàdédé já lulẹ̀. Àwọn yìí ni wọ́n ń ṣe Pampers tí àwọn ìyá ń dì fún ọmọ, àwọn náà ni wọ́n ni ọṣẹ Ariel. Ṣíà wọn kan ti ń lọ ní iye tó lé ní 60 dọ́là lọ́jọ́ náà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn kan tà á ní iye tí kò tó 40. Iná kò jó ilé-iṣẹ́ náà, ìjọba kò gbẹ́sẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó sọ pé Pampers kò dára mọ́. Ti ilé-iṣẹ́ Accenture tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣíà tó wà ní nǹkan bí 40 dọ́là di ohun tí wọ́n tà ní sẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Kí aago mẹ́ta tó kọjá púpọ̀, iye ọ̀pọ̀ ṣíà ti padà sí itòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ọjà ló lá àlá burúkú kan tó sì ta jí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ta jí pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Láyé àtijọ́, ọjà ṣíà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọjà tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn alágbàtà a péjọ sójú kan, wọn a máa pariwo iye owó, wọn a máa fọwọ́ ṣe àmì síra wọn. Nígbà tó fi di ọdún 2010, ariwo ti lọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ra, kọ̀ǹpútà ló ń tà, ohun tó sì ń darí wọn ni wọ́n ń pè ní àligọ́rídímù. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò mọ ohun tó jẹ́. Ìyá tó rán ọmọ lọ sí ọjà Bódìjà, tó ní, “Bí iṣu kò bá ju iye báyìí lọ, ra márùn-ún, bó bá jù bẹ́ẹ̀, ra méjì, bí ọ̀sán bá pọ́n tí wọn ò gbà, máa bọ̀ nílé,” ti fún ọmọ náà ní àligọ́rídímù. Àṣẹ ni, pẹ̀lú “bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún” nínú rẹ̀. Ohun tó fi kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ọmọ ni pé kì í rẹ̀ ẹ́, kì í gbàgbé, kì í sì í padà wá béèrè pé, “Màmá, ọjà ti dàrú o, ṣé kí n ṣì rà á?”

Ìdí tí àwọn olówó ńlá fi ń lo irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó bá kó igba àpò gàrí wọ ọjà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba owó gàrí jẹ́. Bákan náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tó fẹ́ ta ṣíà mílíọ̀nù kan, kò ní í gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò ní kí kọ̀ǹpútà gé e wẹ́wẹ́, kí ó máa tà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ẹrù ńlá ń bọ̀. Èyí ni òwò àligọ́rídímù tó wọ́pọ̀ jù. Sùúrù ló fi ń ṣe é.

Èkejì kò mọ sùúrù rárá. Orúkọ tó yẹ ẹ́ jù ní èdè wa ni òwò ìṣẹ́jú-akàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kì í fẹ́ mú ṣíà sùn. Alárọ́bọ̀ ni wọ́n: wọ́n á rà á ní 40 dọ́là, wọ́n á tà á ní 40 dọ́là àti sẹ́ǹtì kan, wọ́n á sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tí ọjọ́ yóò fi lọ. Èrè sẹ́ǹtì kan kò tó nǹkan lójú ẹni tó bá rà tó tà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣe é lọ́nà mílíọ̀nù ni yóò mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Virtu, fẹ́ wọ ọjà ṣíà fúnra rẹ̀ ní ọdún 2014, ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi síta pé nínú 1,238 ọjọ́ tí òun fi ṣòwò, ọjọ́ kan péré ni òun pàdánù.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà jẹun ni eré sísá. Bí iye owó bá yí padà ní ọjà Ṣikágò, ó di dandan kí ó yí padà ní ọjà tó wà ní Niu Jẹ́sì pẹ̀lú, nítorí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń díye lé. Àmọ́ ìròyìn gbọ́dọ̀ rìn kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí ìròyìn bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò rí àwọn tó ṣì ń pe iye àná, yóò sì rà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó yí i padà. Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ kan, Spread Networks, ṣe gbẹ́ ilẹ̀ láti Ṣikágò dé Niu Jẹ́sì ní ọdún 2010, tó ri wáyà oníná tó tọ́ tààrà sínú rẹ̀, kí ìròyìn lè lọ kí ó sì padà láàárín nǹkan bí ìdá 13 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi ri òpó mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ dípò wáyà, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń yára nínú afẹ́fẹ́ ju inú gíláàsì lọ. Wáyà olówó ńlá náà di ti àná.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀sán ọjọ́ náà ní 2010, nítorí ibẹ̀ ni onísùúrù àti oníkánjú ti pàdé.

Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 32, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú owó fẹ́ ta ìwé àdéhùn 75,000 ní Ṣikágò. E-mini ni orúkọ àdéhùn náà. Ìlọsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ iye ilé-iṣẹ́ ńlá 500 ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ lé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 4.1 dọ́là. Àṣẹ tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà wọn kò gùn: wo iye ọjà tí gbogbo ènìyàn tà ní ìṣẹ́jú tó kọjá, kí o sì ta ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí. Ó parí síbẹ̀. Wọn kò sọ iye tí kò gbọdọ̀ tà á sí, wọn kò sì sọ iye wákàtí tó gbọdọ̀ fi tà á.

Àwọn oníṣẹ́jú-akàn ló kọ́kọ́ rà á. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í mú ọjà sùn, nítorí náà wọ́n tún tà á síta kíá. Ta ló rà á? Oníṣẹ́jú-akàn mìíràn ni, òun náà sì tún tà á. Ìwádìí àwọn àjọ méjì tó ń ṣọ́ ọjà ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 14 péré, wọ́n ra, wọ́n tà á láàárín ara wọn ju 27,000 ìwé àdéhùn lọ, ṣùgbọ́n bí a bá yọ èyí tí wọ́n tà kúrò nínú èyí tí wọ́n rà, nǹkan bí 200 ló kù lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni ń ju ẹyin iná síra wọn lọ́wọ́ ni.

Ibí yìí ni àṣìṣe inú àṣẹ náà ti yọjú. Kọ̀ǹpútà onísùúrù wo ọjà, ó rí i pé títà àti rírà ti pọ̀ sí i. Ó rò pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ti dé. Kò mọ̀ pé ẹrù kan náà ló ń yí po láàárín àwọn alárọ́bọ̀. Níwọ̀n bí àṣẹ rẹ̀ ti ní kí ó ta ìdá mẹ́sàn-án ohun tó bá rí, ó túbọ̀ tú ẹrù sílẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà ti ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjìlá tó ṣáájú, ó gbà á ju wákàtí márùn-ún lọ. Lọ́jọ́ yìí, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ohun tó dá a dúró ni ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 45 àti ìṣẹ́jú àáyá 28, ẹ̀rọ ọjà Ṣikágò fúnra rẹ̀ dá títà dúró nítorí pé iye owó ń já ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, àwọn tó fẹ́ rà ti rí àyè mí, iye sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ṣùgbọ́n ìpayà ti dé ọjà ṣíà ní Niu Yọ́ọ̀kì. Àwọn tó máa ń dúró rà níbẹ̀ ti pa kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn kan tí òfin ní kí wọ́n máa pe iye kan nígbà gbogbo ti fi sẹ́ǹtì kan síbẹ̀, bí ìgbà tí ọlọ́jà bá gbé igbá fífọ́ sórí àtẹ kí wọ́n má baà ní ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni yóò tajà fún òun ní iye bẹ́ẹ̀. Báyìí ni Accenture ṣe di sẹ́ǹtì kan.

Wàyí o, níbo ni olówó kékeré wà nínú gbogbo èyí? Ó wà nídìí àṣẹ kan tí àwọn alágbàtà máa ń sọ pé ó ń dáàbò bo oníbàárà. Oníbàárà yóò sọ pé, “Bí ṣíà mi bá já dé iye báyìí, ẹ bá mi tà á, kí àdánù mi má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé iye tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe iye tí wọn yóò gbà. Agogo tó ń jí àṣẹ náà lásán ni. Tí agogo bá ti lù, wọn yóò ta ṣíà náà ní iyekíye tó bá wà lórí àtẹ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ṣíà Procter & Gamble 50, tó sì ti fi irú àṣẹ yẹn sílẹ̀ ní 55 dọ́là. Ó rò pé bí nǹkan bá burú tán, òun yóò gba 2,750 dọ́là. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iye já kọjá 55, agogo lù, ẹni tó sì kù tó ń rà kò pè ju 40 lọ. Wọ́n tà á fún un. Ó gba 2,000 dọ́là. Kí ọjọ́ tó parí, ṣíà kan náà ti padà sí nǹkan bí 60, èyí tí ì bá jẹ́ 3,000 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá ṣe ohunkóhun rárá. Ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ láàárín àkókò tí kò tó láti se ẹ̀bà.

Àwọn ọjà Amẹ́ríkà fagi lé díẹ̀ nínú òwò ọjọ́ náà. Àmọ́ kìkì èyí tí iye rẹ̀ jìnnà ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí bó ṣe wà kí ìjábá tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fagi lé. Ó lé ní 20,000 òwò lórí ṣíà àti ohun ìdókòwò tó lé ní 300. Ẹni tó ta Accenture ní sẹ́ǹtì kan rí ṣíà rẹ̀ gbà padà. Ẹni tó pàdánù ìdá mẹ́ta owó rẹ̀, bí olùkọ́ wa yìí, kò rí nǹkan kan gbà. Ó ṣòro láti rí ìdájọ́ òdodo nínú ààlà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kan tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Navinder Sarao ní Hounslow, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló ti ń ṣòwò. Ó ní kọ̀ǹpútà tó máa ń gbé àṣẹ títà ńlá sórí àtẹ Ṣikágò, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rà á, kí àwọn kọ̀ǹpútà oníkánjú lè rò pé ẹrù ń bọ̀, kí wọ́n sì gbé iye wálẹ̀. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ tí ọjà já. Ó jẹ́bi ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ sì ní kí ó jókòó sílé fún ọdún kan ní 2020. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn títí dòní lórí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ìjábá náà, ẹjọ́ rẹ̀ sì ti fi hàn pé ẹrù jìbìtì kò wúwo jù fún ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi òfin de igbá fífọ́ orí àtẹ náà. Láti ọdún 2013, ṣíà kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ti ní òkè àti ilẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí iye rẹ̀ bá dúró sí ẹnu ààlà fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọn yóò dá òwò rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìsinmi tó gba ọjà Ṣikágò là ni wọ́n sọ di òfin fún gbogbo ọjà.

Ìyẹn ni ọjọ́ burúkú. Lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà ńkọ́, ṣé àwọn oníṣẹ́jú-akàn ń jẹ lára olówó kékeré? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wọn ohun tí wọ́n ń jẹ. Matteo Aquilina, Eric Budish àti Peter O’Neill gba àkọsílẹ̀ ọjà Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 2015, wọ́n sì ka eré sísá tó wà nínú rẹ̀. Lórí ṣíà ilé-iṣẹ́ 100 tó tóbi jù níbẹ̀, nǹkan bí eré kan ló ń wáyé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń ya ẹni tó borí sọ́tọ̀ sí ẹni tó pàdánù kò ju ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ. Owó orí tí eré yìí ń gbà lọ́wọ́ ọjà jẹ́ nǹkan bí ìdajì nínú ìdá kan lára 10,000. Lórí ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, pẹ́ńsì márùn-ún ni. Bí a bá ko owó gbogbo ọjà àgbáyé jọ, wọ́n ṣírò pé ó tó bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ́dún, nítorí náà ọ̀rọ̀ ńlá ni fún àwọn tó ń fi bílíọ̀nù ṣòwò. Fún ẹni tó ra ṣíà ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn láti tọ́jú fún ọmọ rẹ̀, kò tó owó omi.

Ó tọ́ kí a sọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú. Kí ọdún 2001 tó dé, ìdá kan nínú 16 dọ́là ni ìgbésẹ̀ iye tó kéré jù ní ọjà Niu Yọ́ọ̀kì, èyí tó lé ní sẹ́ǹtì mẹ́fà. Ẹni tó bá ra ṣíà 100 yóò sanwó àlàfo iye ìrà àti iye ìtà, ó kéré tán dọ́là mẹ́fà lé. Nígbà tí wọ́n yí i sí sẹ́ǹtì kan, tí kọ̀ǹpútà sì ń bá kọ̀ǹpútà du oníbàárà, àlàfo ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá di sẹ́ǹtì kan. Dọ́là kan ni yóò san lórí 100 náà. Olówó kékeré jèrè níbẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ọjà ti Èkó. Owó iṣẹ́ tí alágbàtà lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà lórí ṣíà ní Nàìjíríà lè dé ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ₦100,000, ₦1,350 ni, kí a tó ka owó ìjọba àti ti ọjà mọ́ ọn. Owó orí eré sísá ti Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá gbé e wá síbí, yóò jẹ́ ₦5. Ọjà Èkó náà ní ààlà tirẹ̀: ṣíà kò gbọdọ̀ gòkè tàbí já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ₦50 kò lè kọjá ìsàlẹ̀ ₦45 kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìdààmú ẹni tó ń tajà níbẹ̀ yàtọ̀: ó lè dúró sí ₦45 fún ọjọ́ mẹ́ta kó má rí olùrà kankan.

Ohun tó ń pa àwọn ènìyàn wa lára jù ni orúkọ àligọ́rídímù, kì í ṣe àligọ́rídímù fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń ta rọ́bọ́ọ̀tì òwò fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n gbé e sórí fóònù, kó máa rà kó máa tà fún wọn bí ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìṣirò kan ṣoṣo tó láti dáhùn wọn. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà gíláàsì ń rìn ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà bá tọ́ tààrà láìṣẹ́rí, àṣẹ láti Èkó yóò gba ìdá 25 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń parí eré níbẹ̀. Àkókò tí àṣẹ Èkó ń lò lójú ọ̀nà tó fún irú eré bẹ́ẹ̀ 2,500 tẹ̀ léra wọn. Àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí gbé kọ̀ǹpútà wọn sínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ọjà, wọn kò sì í ta àṣẹ wọn fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó burú jù ni ti CBEX. Ilé-iṣẹ́ náà ní kọ̀ǹpútà olóye lòun fi ń ṣòwò, ó sì ṣèlérí pé owó ènìyàn yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn oníbàárà kò rí owó wọn gbà mọ́. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àjọ SEC ti Nàìjíríà sọ pé CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ rántí Virtu, tó pàdánù lọ́jọ́ kan péré nínú 1,238: sẹ́ǹtì ni ó ń kó jọ, kì í ṣe ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń ra ṣíà, yálà ti Èkó tàbí ti Niu Yọ́ọ̀kì láti orí fóònù rẹ̀, máa kọ iye tó kéré jù tí òun yóò gbà sínú àṣẹ ìtà rẹ̀, kí ó sì kọ iye tó pọ̀ jù tí òun yóò san sínú àṣẹ ìrà. Kí ó bi alágbàtà rẹ̀ bóyá “àṣẹ ìdáàbòbò” tí wọ́n ń polówó fún un ní irú iye bẹ́ẹ̀ nínú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá a pẹ̀lú rọ́bọ́ọ̀tì tó ń sọ owó di méjì, kí ó wo ìwé orúkọ àwọn tí SEC fún láṣẹ kí ó tó mú káàdì báǹkì rẹ̀ jáde.